Orí Kẹrin: Ohùn Ni Tàbí Ọ̀rọ̀ Kíkọ?

Ọ̀rọ̀ owó ọlọ́dẹ ló là mí lójú sí ohun tí fọ́ìsì nóòtù lè dá sílẹ̀ láàárín ẹgbẹ́. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn aláṣọ kan nínú ọjà ní Ìbàdàn, àwa mẹ́tàlélọ́gọ́ta la sì wà nínú gúrúùpù Wasáàpù wa. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Màmá Alága dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n fi fọ́ìsì ránṣẹ́ pé owó tí a ń san fún àwọn ọlọ́dẹ lọ́sẹ̀ ti kúrò ní irinwó náírà, ó ti di ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin. Bí wọ́n ṣe ń dé orí iye yẹn gan-an ni ọ̀kadà kan kọjá. Àwọn kan gbọ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin, àwọn kan gbọ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Sátidé, èèyàn mẹ́rìndínlógójì ti san 700, àwọn mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tó kù san 500. Owó tó yẹ kí a kó fún àwọn ọlọ́dẹ fi 5,400 náírà dín.

Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wa. Nígbà tí akápò ní kí àwọn tó san 500 mú igba náírà kún un, wọ́n tan fọ́ìsì náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀, wọ́n ní kó fetí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Àwọn tó san 700 náà tan tiwọn. Fọ́ìsì kan náà ni, ìhà méjèèjì sì ń fi í jẹ́rìí. Bí ẹ bá wo bí a ṣe ń ka owó, ẹ ó rí i pé kò yani lẹ́nu. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ní orí kan náà, ìrù wọn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀, ìrù yìí sì ni ariwo ọjà máa ń gbé mì. Ká ní ẹnì kan tẹ “700” síbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá ti parí ní àárọ̀ Ajé yẹn.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣọ́ fọ́ìsì nínú gúrúùpù wa, kì í ṣe láti lé e jáde o. Àwọn ìyá kan wà láàárín wa tí wọn ò kàwé rárá, ohùn nìkan ni wọ́n fi ń bá wa sọ̀rọ̀. Bí a bá fòfin de fọ́ìsì, àwọn la lé jáde. Ohun tí mo ń wá ni bí èèyàn ṣe máa mọ èyí tó yẹ kó sọ àti èyí tó yẹ kó kọ, kó tó tẹ àmì máíkì yẹn.

Ìbéèrè kan ló ń yanjú púpọ̀ nínú rẹ̀ fún mi: ṣé ẹnikẹ́ni máa padà wá ọ̀rọ̀ yìí lọ́la? Bí wọ́n bá máa padà wá a, ẹ kọ ọ́. Iye owó, ọjọ́, aago, ibi ìpàdé, nọ́ńbà àkáǹtì, orúkọ ẹni tí nǹkan tọ́ sí, gbogbo wọn ni àwọn èèyàn ń padà wá. Lórí Wasáàpù, bí ẹ bá tẹ àwò tí a fi ń wá nǹkan, tí ẹ kọ “olode” síbẹ̀, gbogbo ibi tí ẹnì kan ti tẹ ọ̀rọ̀ náà ló máa kó jáde fún yín. Ohun tí wọ́n fẹnu sọ nínú fọ́ìsì kì í sí níbẹ̀. Ẹni tó bá ń wá a ní láti fọwọ́ fa gúrúùpù náà padà sẹ́yìn, kó máa tan ohùn kan tẹ̀ lé òmíràn títí tó fi máa bá èyí tó ń wá. Mo ti rí akápò wa tó jókòó ti fóònù fún odindi ìrọ̀lẹ́ kan nítorí nọ́ńbà àkáǹtì tí wọ́n kà sínú fọ́ìsì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú.

Àtúnṣe náà tún wà níbẹ̀. Ẹni tó bá tẹ ọ̀rọ̀ tó rí i pé òun ṣì í tẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti tún un ṣe lójú ibẹ̀, láti ọdún 2023 ni Wasáàpù ti fàyè gba ìyẹn. Fọ́ìsì kò ní àtúnṣe. Ẹ ó pa á rẹ́, ẹ ó sì sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà látìbẹ̀rẹ̀, àwọn tó ti gbọ́ ti àkọ́kọ́ sì lè má mọ̀ pé èkejì ti dé.

Ìgbà tí ohùn ṣe ohun tí ìwé kò lè ṣe

Ohùn ní iṣẹ́ tirẹ̀, iṣẹ́ ńlá sì ni. Nígbà tí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan pàdánù ìyá rẹ̀, ogójì èèyàn ló tẹ “Olorun a tu yin ninu” síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n sì ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n fọ́ìsì Màmá Alága, tí kò tó ìṣẹ́jú kan, ni obìnrin náà sọ fún mi pé òun ń tan ní òru. Wọ́n ki ìyá olóògbé náà ní oríkì rẹ̀ díẹ̀, wọ́n dákẹ́, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n wá pe ọmọ náà lórúkọ. Ìdákẹ́ yẹn kò ṣeé tẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìjà. Bí èèyàn méjì bá ń fi ọ̀rọ̀ kíkọ bá ara wọn fa ọ̀rọ̀, gbogbo gbólóhùn ló máa ń le ju bí ẹni tó kọ ọ́ ṣe rò ó lọ. “Mo ti gbo” lè jẹ́ ìtẹríba, ó sì lè jẹ́ ìbínú, ojú tí ẹni tó ń kà á bá fi wò ó ló máa gbà. Ẹni tó bá fẹ́ tọrọ àforíjì, kó fi ohùn tọrọ rẹ̀, kó sì fi í ránṣẹ́ sí ẹni náà nìkan.

Èdè wa fúnra rẹ̀ tún gbè fún ohùn níbì kan, mo sì fẹ́ kí ẹ fiyè sí i dáadáa, nítorí òun ni kò jẹ́ kí n gbà pé ìwé ló dára nígbà gbogbo. Púpọ̀ nínú wa kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ bí a bá ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù. Èmi gan-an ti tẹ̀ ẹ́ rí sínú gúrúùpù, nígbà tí a ń lọ síbi ìsìnkú kan ní Ìsẹ́yìn, pé “eni to ba fe mu oko wa ko so fun mi”. Ọkọ̀ ni mo ní lọ́kàn, nítorí mo ń ka iye àyè ìjókòó tí a ní. Ìyá méjì pè mí lórí fóònù pé àwọn á mú ọkọ àwọn wá. Bí mo bá fẹnu sọ ọ́, kò sẹ́ni tó máa ṣì í gbọ́. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ tẹ̀ bá lè ní ìtumọ̀ méjì láìsí àmì, ẹ fi àmì sí i, tàbí kí ẹ fi ọ̀rọ̀ mìíràn tì í lẹ́yìn: “mọ́tò” ì bá ti gbà mí lọ́wọ́ ìpè méjèèjì yẹn. Owó ni tirẹ̀ rọrùn, nítorí nọ́ńbà kò nílò àmì ohùn kankan.

Orin, ìdáhùn ìkíni tó ní ohùn, ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń pe orúkọ kan, ìròyìn ayọ̀ tí ẹ fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ẹ̀rín yín nínú rẹ̀, gbogbo ìwọ̀nyí ẹ lè fi ohùn sọ wọ́n láìbẹ̀rù.

Ẹrù tó ń bọ́ sí ọrùn olùgbọ́

Àwọn kan rò pé dátà ni fọ́ìsì ń jẹ lára ẹgbẹ́. Dátà tó ń jẹ kéré, fídíò ló ń jẹ ẹ́ gan-an. Àsìkò ni fọ́ìsì ń gbà. Fọ́ìsì owó ọlọ́dẹ yẹn jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin. Bí àwa mẹ́tàlélọ́gọ́ta bá gbọ́ ọ tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìṣẹ́jú 252 ló lọ, ìyẹn ju wákàtí mẹ́rin lọ, lórí ọ̀rọ̀ tí ìlà kan lè sọ. Ẹni tó ń sọ ọ́ ní ìrọ̀rùn, ẹrù náà sì pín sí ọrùn gbogbo àwọn tó kù. Ojú lè sáré lórí ìwé kó mú ohun tó kàn án, etí kò lè sáré bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé ẹ lè tẹ ibi tí wọ́n kọ 1× sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́ìsì kó di 1.5× tàbí 2×, kó lè yára, ṣùgbọ́n Yorùbá tí wọ́n sọ pẹ̀lú ariwo ọjà lẹ́yìn rẹ̀ máa ń dàrú bí ó bá ti yára jù.

Ibi tí olùgbọ́ wà náà ṣe pàtàkì. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ti lọ sí Ìlú Ọba, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó níbẹ̀ lálẹ́. Ó ní bí òun bá wà lẹ́nu iṣẹ́, òun lè yọjú wo ìlà méjì nínú fóònù, òun kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ohùn jáde. Ìyá kan tún wà tí etí rẹ̀ ọ̀tún kò gbọ́ràn mọ́. Mo jókòó tì í lọ́jọ́ kan tó ń gbìyànjú láti gbọ́ fọ́ìsì. Ó gbé fóònù sí etí òsì, ohùn náà sì bọ́ sí sípíkà etí, ó wá rẹlẹ̀. Ó gbé e sókè níwájú ojú, ohùn náà pariwo débi pé oníbàárà tó dúró ti àǹkárá yíjú padà. Ọ̀rọ̀ gbèsè ẹnì kan ni wọ́n ń sọ nínú fọ́ìsì náà. Gbogbo àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ló gbọ́ orúkọ onígbèsè.

Nítorí èyí, ohun tó bá kan gbèsè, àìsàn tàbí ẹjọ́ ẹnì kan kò yẹ kó wọ inú fọ́ìsì gúrúùpù rárá. Ẹ kò mọ ibi tí wọ́n ti máa tan án.

Àwọn kan á ní ẹ̀rọ ti lè sọ ohùn di ìwé báyìí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024 ni Wasáàpù kéde ètò náà, Yorùbá kò sì sí lára àwọn èdè tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ má gbé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ lé e. Ẹni tó bá fetí gbọ́, tó sì fọwọ́ kọ ọ́, ló ṣeé gbára lé.

Bí a ṣe ń bèèrè ìwé lọ́wọ́ àgbà

Ibí ni púpọ̀ ti ń ṣubú. Ọ̀dọ́kùnrin kan láàárín wa kọ ọ́ sínú gúrúùpù lójú gbogbo ayé pé, “E jowo, e ye fi voice ranse, e maa ko o.” Òun náà sọ “ẹ jọ̀wọ́” o. Síbẹ̀ Màmá Alága kò sọ ohunkóhun nínú gúrúùpù fún ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìyẹn. Ohun tí wọ́n gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé àwọn kò mọ̀wé, àti pé ọmọdé ló sọ ọ́ sí àwọn létí níwájú àwọn tí àwọn ń darí.

Ohun tí mo ti kọ́ ni pé kí a má bèèrè ìwé nínú gúrúùpù. Ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹni náà ní ìkọ̀kọ̀, tàbí kí ẹ pè é. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìṣòro náà sọ́dọ̀ ara yín, kó má bàa dà bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀, kí ẹ sì bèèrè ohun kékeré kan pàtó, kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Sí àgbà, báyìí ni mo ṣe ń sọ ọ́: “Màmá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti gbọ́ ohùn yín, Ọlọ́run á fún yín lókun. Ariwo pọ̀ níbi tí mo wà, iye owó náà kò dá mi lójú. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ lè ní kí ọmọ tó wà lọ́dọ̀ yín bá mi tẹ iye náà àti ọjọ́ rẹ̀?” Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyẹn: wọn kò ní láti tẹ ohunkóhun fúnra wọn, iye àti ọjọ́ nìkan ni mo sì béèrè.

Sí ẹni tó jù mí lọ díẹ̀, tó sì ń tẹ ọ̀rọ̀ dáadáa, ó lè kúrú: “Ẹ̀gbọ́n, inú ọkọ̀ ni mo wà, mi ò lè tan ohùn. Ẹ bá mi tẹ kókó ibẹ̀ lórí ìlà kan, màá gbọ́ ìyókù bí mo bá délé.” Sí ojúgbà mi: “Mo rí fọ́ìsì rẹ. Ṣé ọ̀rọ̀ kánjúkánjú wà nínú rẹ̀? Bó bá wà, tẹ̀ ẹ́ fún mi.” Ìbéèrè yìí dára nítorí pé ó tún ń jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá ó yẹ kí ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kí ẹ gbọ́ ọ. Ohun kan ni kí ẹ ṣọ́ra fún: bí ẹ bá sọ pé inú ọkọ̀ ni ẹ wà, kó jẹ́ òótọ́. Ìdí tòótọ́ pọ̀ tó, kò sídìí láti parọ́ mọ́ àgbà.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó dára jù lọ kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tó sọ̀rọ̀. Ẹ fúnra yín kọ ohun tí ẹ gbọ́, kí ẹ sì ní kó fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọlọ́dẹ yẹn, mo lọ kí Màmá Alága ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Màmá, ohùn yín ni ẹgbẹ́ ń fẹ́ gbọ́. Ẹ máa sọ̀rọ̀ yín bí ẹ ṣe ń sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n máa bá yín kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kó má bàa sẹ́ni tó máa yí i padà.” Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, “Akọ̀wé náà ṣáà ni ọ́.” Láti ọjọ́ náà ni a ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Bí a ṣe ń ṣe é rèé. Bí ohùn wọn bá ti wọlé, mo máa gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì níbi tó dákẹ́. Mo máa fa ohùn náà sí ọ̀tún kí ìdáhùn mi lè so mọ́ ọn, kí ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ojúlówó rẹ̀ lè tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Màá wá kọ ọ́ báyìí:

“Ohun tí Màmá Alága sọ: owó ọlọ́dẹ ti di 700 náírà lọ́sẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé yìí. Akápò ni kí ẹ san án fún, kó tó di ọjọ́ Sátidé. Màmá, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?”

Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Títí wọ́n á fi dáhùn, ohun tí mo kọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́, ohun tí mo gbọ́ lásán ni. Wọ́n lè fi àtàǹpàkò dáhùn, wọ́n sì lè fi ohùn sọ “bẹ́ẹ̀ ni”, ìṣẹ́jú àáyá méjì nìyẹn. Ẹni tó wà nítòsí wọn máa ń ka ohun tí mo kọ sí wọn létí kí wọ́n tó dáhùn. Lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní, “Rárá o, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló bẹ̀rẹ̀.” Mo tún un ṣe lójú ẹsẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò tíì pé. Bí wọ́n bá ti gbà á, màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè gúrúùpù fún ọjọ́ méje. Wasáàpù máa ń jẹ́ kí èèyàn yan wákàtí 24, ọjọ́ 7 tàbí ọjọ́ 30, ọjọ́ méje sì bá owó ọ̀sẹ̀ mu.

Bí ẹ bá sì ní láti fi ohùn ránṣẹ́

Ìkíni ni àwọn kan máa ń fẹ̀sùn kàn. Wọ́n ní ìdajì fọ́ìsì àwọn àgbà ìkíni ni, kí wọ́n gé e kúrò. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá wọlé láìkí ẹni tó bá nílé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní wọlé. Ẹ kí ẹgbẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ kọ ìlà kan ṣáájú ohùn yín kó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀: “Oro owo olode wa ninu eyi, e gbo o loni.” Ẹni tí kò bá lè gbọ́ ọ ní àsìkò yẹn á mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ padà wá. Ohun tó ń dá àwọn èèyàn lágara ni kí wọ́n gbọ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin kí wọ́n tó mọ̀ pé kò kàn wọ́n.

Ẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ẹ fa àmì máíkì náà sókè kó tì pa, kí ìka yín lè sinmi. Bí ẹ bá parí, ẹ dá a dúró, ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ fúnra yín kí ẹ tó fi í ránṣẹ́. Bí ẹ bá ti pe iye owó, ẹ tún un pè ní ọ̀nà mìíràn: “Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin náírà ni o, ìyẹn ọgọ́rùn-ún méje.” Ìrù kan lè bọ́ sínú ariwo, ìrù méjì kò ní bọ́ síbẹ̀ pọ̀.

Màmá Alága ti fi èyí kún tiwọn. Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, wọ́n sọ̀rọ̀ lórí kíkó ilẹ̀ gọ́tà iwájú ọjà, wọ́n pe owó náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n wá ní, “Akọ̀wé, bá mi kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì ka ohun tí o kọ fún mi.” Mo tẹ̀ ẹ́, mo pè wọ́n, mo kà á. Wọ́n ní kí n yí ọjọ́rú sí ọjọ́bọ̀, nítorí ọjọ́bọ̀ ni àwọn tó ń kó gọ́tà máa wá.